Ìrókò Tó Ga Lọ́sàn-án Ju Ìrọ̀lẹ́ Lọ

Láti oṣù kejì ọdún yìí ni nọ́ńbà méjì ti ń jà lọ́kàn mi: 50 àti 35. Igi kan náà ni wọ́n wọ̀n, ọ̀pá kan náà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ọjọ́ kan náà sì ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé ní póólì wọn ìrókò ẹ̀yìn agboolé wa ní kété tí agogo méjìlá ọ̀sán kọjá, ó ní mítà 50 ló ga. Àbúrò bàbá mi tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Tíṣà tún un wọ̀n nígbà tí oòrùn ti ń rọlẹ̀, wọ́n ní mítà 35 ni.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá iyàn jíjà. Mítà 41 ló wà láàárín ìdí igi náà àti ògiri ilé tó sún mọ́ ọn jù. Bí igi bá ga ní mítà 35, tó sì wó sí ìhà ilé, àgbàlá ni orí rẹ̀ máa balẹ̀ sí. Bó bá jẹ́ 50, yàrá ìyá àgbà àti páànù orí rẹ̀ ló máa bá a lọ. Ẹbí ti fẹnu kò pé igi náà gbọ́dọ̀ kúrò, torí pé ìdí rẹ̀ ti ń jẹrà. Nígbà tí àwọn agégi dé, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni bó ṣe ga tó. Owó tí wọ́n ń gbà láti gé igi láti ìdí kò sún mọ́ èyí tí wọ́n ń gbà láti gùn ún, kí wọ́n sì máa gé e ní ègé-ègé láti òkè wá.

Mo gba ìwé tí àwọn méjèèjì fi ṣe ìṣirò, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí ibi tí ìṣirò ti yẹ̀. Ohun tó gba oorun lójú mi nìyẹn. Bí ẹnì kan bá ti ṣì í, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán.

Bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n

Gbogbo wa la mọ ìlànà yìí láti ilé ìwé: lásìkò kan náà, bí ọ̀pá ṣe rí sí òjìji rẹ̀ ni igi ṣe rí sí òjìji tirẹ̀. Wọ́n ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀ lórí pápá bọ́ọ̀lù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà, èyí tó yọ sókè ilẹ̀ sì jẹ́ mítà 2 gẹ́lẹ́. Wọ́n so òkúta mọ́ okùn, wọ́n jẹ́ kó fì sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, kó lè dá wọn lójú pé ọ̀pá náà dúró ṣánṣán. Ọ̀pá tó bá tẹ̀ sí ibi tí òjìji ń dà sí máa ń na òjìji tirẹ̀ gùn ju bó ṣe yẹ lọ, igi á sì dà bíi pé ó kúrú.

Lọ́sàn-án, òjìji ọ̀pá jẹ́ mítà 0.8. Ìyẹn ni pé ọ̀pá ga ju òjìji rẹ̀ lọ ní ìlọ́po 2.5. Òjìji igi jẹ́ mítà 20. Ẹ fi 2.5 sọ 20 di púpọ̀, 50 ni yóò fún yín.

Nírọ̀lẹ́, òjìji ọ̀pá ti gùn dé mítà 2.5, tó fi jẹ́ pé ọ̀pá kò ju ìlọ́po 0.8 òjìji rẹ̀ lọ. Òjìji igi jẹ́ mítà 43.75. Ẹ fi 0.8 sọ ọ́ di púpọ̀, 35 ni.

Bàbá Tíṣà tilẹ̀ fi òjìji ara wọn ṣe ẹlẹ́rìí. Wọ́n ga ní mítà 1.70. Wọ́n dúró gbọnrangandan, wọ́n ní kí ọmọ náà fi èèkàn sàmì sí ibi tí òjìji orí wọn dé, ó sì jẹ́ mítà 2.12. Ẹ fi 2.12 pín 1.70, ẹ máa rí ìlọ́po 0.8 yẹn náà. Mo fẹ́ràn ohun kan tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó dúró: wọ́n ṣí fìlà. Fìlà kì í sí nínú gíga téèyàn mọ̀ pé òun ga, àmọ́ ó wà nínú òjìji. Ẹni tó bá dé gọ̀bì tó dúró sókè dáadáa lè fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá kún òjìji ara rẹ̀ láìmọ̀.

Àwọn méjèèjì ló rántí pé àárín gbùngbùn ìdí igi ni òjìji ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe etí èèpo. Ìdí ìrókò náà fẹ̀ tó mítà 1.6. Etí èèpo ni tépù ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi ìdajì fífẹ̀ yẹn, mítà 0.8, kún un. Nínú mítà 20 àti 43.75 tí mo kọ sókè yìí, ó ti wà níbẹ̀.

Ìtẹ́ àṣá

Nígbà tí mo lọ sílé ní òpin ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù kejì yẹn kan náà, mo ko èèkàn àti tépù dání, èmi, Bàbá Tíṣà àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì jókòó sí etí pápá láti ọ̀sán. Ohun tí mo fẹ́ ni kí n tẹ̀ lé òjìji náà bó ṣe ń gùn, kí n rí ibi tí 50 ti máa di 35. Ẹnì kan dúró ti ọ̀pá, ẹnì kan dúró sí ṣóńṣó òjìji igi, tí ẹnì kẹta bá sì ké "Ó yá!", àwọn méjèèjì á ki èèkàn wọn bọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́yìn agogo méjìlá, 50 ló tún jáde, gẹ́gẹ́ bí ọmọ náà ṣe sọ. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òjìji ọ̀pá jẹ́ mítà 1.6, òjìji igi sì jẹ́ mítà 30. Ọ̀pá ga ju òjìji rẹ̀ lọ ní ìlọ́po 1.25, nítorí náà igi jẹ́ mítà 37.5. Igi ti kúrú ní mítà 12.5 láàárín wákàtí mẹ́ta, láìsí ẹni tó fi àdá kàn án.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, ṣóńṣó òjìji náà rí roboto, ó sì dúdú, àfi bí etí agboòrùn. Lókè igi gan-an, ẹ̀ka gbígbẹ kan wà tó yọ ju gbogbo ewé lọ. Ó pín sí méjì, àṣá sì ti kọ́ ìtẹ́ ńlá sí ibi tó ti pín. Kò sí ẹni tó ń gba ìsọdá yẹn tí kò mọ ìtẹ́ náà. Kí aago mẹ́rin tó lù ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí nǹkan kan nílẹ̀. Níwájú etí roboto yẹn, òjìji fẹ́ẹ́rẹ́ kan ti yọ jáde, ó rí bí èéfín, ó sì ní kókó kan lára.

"Bàbá, ẹ wá wò ó. Ìtẹ́ àṣá rèé."

Bàbá Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n gbójú sókè wo ẹ̀ka náà, wọ́n tún wolẹ̀. Wọ́n ní, "Lọ́sàn-án tí o wọ̀n ọ́n, ibo ni ìtẹ́ yìí wà nílẹ̀?"

Ọmọ náà kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Inú òjìji ewé ló wà, Bàbá. Ewé ló bò ó."

Òjìji ta ni mítà 20 yẹn?

Ìdáhùn ọmọ náà ló tú gbogbo rẹ̀. Bí ìtẹ́ tó wà lókè pátápátá bá pamọ́ sínú òjìji ewé lọ́sàn-án, a jẹ́ pé ohun mìíràn ló ni ṣóńṣó òjìji tí a fi èèkàn sí. Ẹ̀ka tó nà síta jù ló ni ín. Ìrókò tó ti dàgbà kì í ṣe ọ̀pá. Ó máa ń tẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ bí agboòrùn. Nígbà tí oòrùn bá wà lókè, òjìji ṣóńṣó igi kì í lọ jìnnà, ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ tó ti nà síta tẹ́lẹ̀ ni òjìji rẹ̀ máa kọ́kọ́ dé iwájú.

A rìn lọ sí abẹ́ ibi tí ewé parí sí, a fi tépù wọ̀n ọ́n padà sí àárín ìdí igi: mítà 10. Ẹ jẹ́ ká fi mítà 10 yìí yẹ nọ́ńbà ọ̀sán wò. Ẹ̀ka yẹn ti wà ní mítà 10 sí ìdí igi kó tó di pé oòrùn na òjìji rẹ̀ rárá. Nínú mítà 20 tí ọmọ náà wọ̀n, mítà 10 kì í ṣe òjìji, nínà ẹ̀ka ni. Mítà 10 tó kù nìkan ni oòrùn nà. Ẹ fi 2.5 sọ ọ́ di púpọ̀: mítà 25. Gíga ẹ̀ka nìyẹn.

Ẹ lọ sí ti aago mẹ́ta. Mítà 30, ẹ yọ 10 kúrò, ó ku 20. Ẹ fi 1.25 sọ ọ́ di púpọ̀: mítà 25. Ẹ̀ka kan náà, gíga kan náà. Nọ́ńbà méjì tó ń bára wọn jà, 50 àti 37.5, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn, àwa la bi wọ́n ní ìbéèrè igi, tí wọ́n sì ń fún wa ní ìdáhùn ẹ̀ka. Ayọ̀ tó bá mi lórí pápá yẹn, mi ò lè fi pamọ́.

Nígbà tí òjìji ọ̀pá wá dé mítà 2.5, òjìji ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ wà ní mítà 41.25 sí ìdí igi, òjìji òkè pátápátá sì ti kọjá rẹ̀ dé 43.75. Mítà 2.5 tó fi yọ síwájú yẹn ni ibi tí a ti rí ìtẹ́ àṣá.

Ìgbà wo gan-an ló ń yọ? Ẹ fi bí ẹ̀ka ṣe nà síta tó wé bí òkè igi ṣe ga ju ẹ̀ka náà lọ. Tiwa nà síta ní mítà 10, òkè sì fi mítà 10 ga jù ú lọ. Bí wọ́n ṣe dọ́gba yìí, ìgbà tí òjìji ọ̀pá bá gùn bí ọ̀pá fúnra rẹ̀ ni òkè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Bí òkè igi bá tẹ́jú, tó fi mítà 5 péré ga ju ẹ̀ka tó nà síta ní mítà 10, òjìji ọ̀pá gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po méjì ọ̀pá kí èèyàn tó lè gba ṣóńṣó òjìji gbọ́. Ọ̀pẹ kì í fún èèyàn ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Àràbà tó tẹ́ orí sílẹ̀ lè fún un.

Ìwé tí wọ́n kọ nílẹ̀ òtútù kì í sábà mẹ́nu ba èyí, mo sì rò pé oòrùn wọn ló fà á. Ní Lọ́ńdọ̀nù ní àárín oṣù kejìlá, oòrùn ọ̀sán kì í gòkè púpọ̀. Ọ̀pá mítà 2 á na òjìji tó ju mítà 7 lọ ní agogo méjìlá gan-an. Níhìn-ín, oòrùn ọ̀sán máa ń dé àtàrí wa gẹ́lẹ́ nínú oṣù kẹrin, á tún dé ibẹ̀ ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Kódà ní oṣù kejìlá, òjìji ọ̀sán wa kì í tó gíga ẹni. Kò sí oṣù kankan nínú ọdún tí ọ̀sán gangan yẹ fún wíwọn igi tó tẹ́ orí nílẹ̀ Yorùbá. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òjìji náà, ìgbà tó bá ti lọ sí òkèèrè ló tó wò.

Ará Mílẹ́tù àti òkìtì òkúta

Wọ́n máa ń sọ ìtàn Tálẹ́sì ará Mílẹ́tù, Gíríìkì kan tó gbé ayé ní nǹkan bí ọdún 2600 sẹ́yìn. Wọ́n ní ó wọn gíga píramíìdì ní Íjíbítì. Àwọn òpìtàn kan ní ó dúró de ìgbà tí òjìji ara rẹ̀ gùn bí gíga rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ọ̀pá ló rì mọ́lẹ̀ síbi tí òjìji píramíìdì parí sí. Lẹ́yìn tí mo rí ìtẹ́ àṣá yẹn ni mo tó rí i pé ìṣòro ìrókò wa ló bá òun náà. Ẹ̀gbẹ́ píramíìdì ńlá Gísà gùn ní nǹkan bíi mítà 230, ó sì ga tó mítà 146 nígbà tí wọ́n kọ́ ọ. Ká ní òjìji dà gẹ́lẹ́ sí iwájú ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí òjìji èèyàn gùn bí èèyàn. Mítà 146 ni òjìji ṣóńṣó rẹ̀ á gùn láti àárín, àmọ́ mítà 115 nínú rẹ̀ á wà lórí òkúta fúnra rẹ̀, níbi tí tépù kò lè dé. Mítà 31 péré lá hàn nílẹ̀. Ẹni tó bá wọn èyí tó hàn, tí kò fi ìdajì ìdí kún un, á sọ píramíìdì di ilé alájà mẹ́wàá. Bí oòrùn bá sì ga jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, òjìji kò ní yọ síta rárá.

Nọ́ńbà tí kò yẹsẹ̀

Kí èèyàn tó gba nọ́ńbà kan, ó yẹ kó tún un wọ̀n bí oòrùn ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ó kọjá aago mẹ́rin ààbọ̀ díẹ̀, òjìji ọ̀pá wa jẹ́ mítà 3, ti igi jẹ́ mítà 52.5. Bí ẹ bá ṣe é, mítà 35 ló tún jẹ́. Láti 50 sí 37.5 sí 35, lẹ́yìn náà 35: ibi tó ti dúró yẹn ni igi wà. Bí nọ́ńbà bá ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ bí òjìji ṣe ń gùn, ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ lẹ ṣì ń wọ̀n.

Àmọ́ ìrọ̀lẹ́ ní ewu tirẹ̀. Òjìji ìrọ̀lẹ́ ń sáré. Bí a bá fi èèkàn sí òjìji igi nígbà tó wà ní 43.75, tí a wá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wá tépù kí a tó wọn ti ọ̀pá, òjìji ọ̀pá á ti gùn sí nǹkan bíi mítà 2.7, igi á sì pàdánù tó mítà mẹ́ta nínú ìwé wa. Ìdí tí a fi ń ké "Ó yá!" nìyẹn. Ẹni tó bá dá nìkan wà, kó kọ́kọ́ sàmì sí ti ọ̀pá, kó sáré sàmì sí ti igi, kó padà sàmì sí ti ọ̀pá lẹ́ẹ̀kan sí i, kó sì lo àárín méjèèjì.

Ewu kejì wà nínú ilẹ̀. Àwọn àgbà ní òjìji kì í bẹ̀rù ọ̀fìn, òótọ́ sì ni. Bó bá bá kòtò pàdé, á wọ inú rẹ̀, á tún gòkè. Gígùn tí tépù bá ka nígbà náà kò ṣeé fi wé ti ọ̀pá mọ́. Bí gbogbo ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́ lọ sí ìhà kan láìyí padà, kò burú rárá. Ẹ ri ọ̀pá mọ́ orí gẹ̀rẹ́ náà gan-an, kó dúró ṣánṣán, òjìji ọ̀pá á fà gùn bí ti igi ṣe fà gùn. Ilẹ̀ tó ń gòkè tó tún ń sọ̀ ni kò dára.

Ìkẹta ni pé òjìji láti òkè réré kì í ní etí tó mú. Oòrùn fẹ̀ lójú ọ̀run, kì í ṣe ojú abẹ́rẹ́, nítorí náà òjìji ẹ̀ka tó wà lókè bẹ́ẹ̀ á ràn ní nǹkan bí ìdajì mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ka tínrín kò tilẹ̀ ní hàn. Òjìji ìtẹ́ àṣá hàn torí pé ìtẹ́ náà tóbi. Igi ẹ̀ka méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò hàn tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ní 35, ẹ máa gbọ́ ọ bí 34 sí 36.

Ohun tí a sọ fún àwọn agégi

Kí n tó padà sí Ìbàdàn, mo fẹ́ ẹlẹ́rìí tí kò gbára lé oòrùn, torí pé nígbà òjò ìkùukùu lè bo ojú ọ̀run fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Mo na apá síwájú, mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wọ̀n láti ojú mi dé ìkúùkù mi: sẹ̀ǹtímítà 64. Èèyàn lè mú ọ̀pá tó yọ ní 64 lókè ìkúùkù, kó máa fẹ̀yìn rìn títí ọ̀pá á fi bo igi láti ìdí dé òkè. Ibi tó bá dúró sí, ó jìnnà sí igi bí igi ṣe ga. Àmọ́ níbẹ̀, ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ìtẹ́ mọ́ mi lójú. Ọ̀rọ̀ oòrùn ọ̀sán náà ló tún dé. Mo gé ọ̀pá náà sí ìdajì, 32, mo sì fẹ̀yìn rìn lọ jìnnà títí ìkúùkù mi fi bọ́ sí ìdí igi, tí orí ọ̀pá sì kan ìtẹ́ kedere. Ní ti ọ̀pá ìdajì, ìlọ́po méjì gíga igi ni èèyàn ń jìnnà sí i. Tépù ka mítà 71. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 35.5.

Bàbá Tíṣà ló bá àwọn agégi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n ka igi náà sí mítà 36, kí wọ́n má ṣe lo 35, kí wọ́n sì gé e wó sí orí pápá. Bó bá yẹ̀ sí ìhà ilé, mítà 5 péré ló máa ku kó tó kan ògiri, ẹ̀ka gbígbẹ sì máa ń ṣẹ́ fò nígbà tí igi bá nalẹ̀. Nítorí náà wọ́n máa gun igi lọ gé ẹ̀ka gbígbẹ náà kúrò lẹ́yìn tí àwọn ọmọ àṣá bá ti fò, wọ́n á sì so okùn mọ́ igi láti fà á sí ìhà pápá. Ní ti àwọn tí wọ́n máa wá wòran, a ti ki èèkàn bọlẹ̀ yí ìdí igi ká ní mítà 72, ìlọ́po méjì gíga rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ilé tó wà ní mítà 41 á ṣófo, ìyá àgbà á sì wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi.